Páànù Tútù àti Páànù Gbígbóná

Békìn tí àwọn Òyìnbó máa ń jẹ ní òwúrọ̀ jẹ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi iyọ̀ pa lára, tí a sì gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní ìlú Ìlọrin, kì í jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí Ọjà Tuntun lè ra ẹran àyà màlúù tí ọ̀rá pọ̀ lára rẹ̀, kí ó fi ṣe irú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà dín méjèèjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ra ìdajì kílò irú ẹran bẹ́ẹ̀ ní ọjà náà, ó sì ra sọ́séèjì màlúù mẹ́fà. Ó gé ẹran náà, ó fi iyọ̀ pa á, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé páànù ka iná gáàsì, ó bu òróró sí i, ó sì dúró títí èéfín fi ń rú. Ìgbà yẹn ni ó tó da díẹ̀ nínú ẹran náà àti sọ́séèjì méjì sí i. Páànù pariwo, òróró ta sí i lọ́wọ́, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi ké sí mi pé, “Bọ̀ọ̀dá, ó ti jinná!”

Ara ẹran náà ti dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ká sókè bí ewé gbígbẹ, ọ̀rá inú rẹ̀ sì funfun, ó ṣì rọ̀. Mo fi ọ̀bẹ la sọ́séèjì kan. Awọ rẹ̀ ti bẹ́, ìta rẹ̀ ti jóná, àárín rẹ̀ sì pupa bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Mo ní kí ó má fi kan ẹnu.

Kí ni ó fa èyí? Ọ̀rá inú ẹran wà nínú àwọn àpò kéékèèké tí ojú kò lè rí, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀, omi sì wà láàárín wọn. Ọ̀rá màlúù a máa yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 40 sí 50 ti Sẹ́ńtígíréèdì, nítorí náà yíyọ́ kò ṣòro fún un. Ohun tí ó gba àkókò ni kí àwọn àpò náà já, kí ọ̀rá ṣàn jáde, kí omi sì gbẹ. Páànù gbígbóná a máa fún àwọn awọ náà pọ̀ lójijì, ẹran a ká, kò sì ní lè fara kan páànù dáadáa mọ́. Ojú rẹ̀ a jóná nígbà tí ọ̀rá inú rẹ̀ kò tíì rí ọ̀nà jáde.

A fọ páànù, a sì jẹ́ kí ó tutù. A tẹ́ ìyókù ẹran náà sínú rẹ̀, ọ̀kan kò gun orí èkejì, a kò bu òróró kankan sí i, a sì tan iná kékeré sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rá funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán bí gíláàsì, òróró sì ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ní kí ó tẹ́tí sílẹ̀. Ìró híhó tí ó ń gbọ́ ni omi tí ń fi ẹran sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà, ẹran náà kì í gbóná púpọ̀ ju ìwọ̀n 100 lọ, kò sì lè tètè pọ́n. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejìlá ìró náà rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí láti ìgbà náà ẹran a máa pọ́n kíákíá, kò sì yẹ kí a fi í sílẹ̀ rárá. Ní ìṣẹ́jú kẹrìnlá a kó o kúrò, ó pọ́n, ó sì ń dún káká lẹ́nu. Bí a bá gé e nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò pẹ́ sí i.

Ti sọ́séèjì lágbára ju ti ẹran gígé lọ. Lára ẹran odindi, òde ni àwọn kòkòrò àrùn sábà máa ń wà, iná a sì tètè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá lọ ẹran, a ti pò wọ́n mọ́ àárín. Nítorí náà, àárín sọ́séèjì gbọ́dọ̀ gbóná dé ìwọ̀n 71. A to mẹ́rin tí ó kù sínú páànù tútù pẹ̀lú òróró ṣíbí kékeré kan, a ń yí wọn ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ó sì gbà wá tó ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Awọ wọn kò bẹ́, nítorí ooru wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọ̀ àárín nìkan a máa tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá ní ohun ìwọn-ooru ni ó lè mọ̀ dájú. Èyí tí ó bá dì bí òkúta, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó yọ́ nínú fíríìjì.

Ẹ má ṣe rò pé páànù tútù ló dára fún gbogbo ẹran. Ẹran tí kò ní ọ̀rá yóò kàn sun omi sínú rẹ̀ ni, yóò sì bọ̀ dípò kí ó dín. Páànù gbígbóná ni tirẹ̀. Ẹni tí ó sì ń fi èédú dáná yóò ṣe iṣẹ́ ju tiwa lọ, nítorí kò ní ohun tí yóò yí láti dín iná kù. Àfi kí ó fa díẹ̀ nínú èédú náà sẹ́yìn.

A da òróró tí ó jáde lára ẹran náà sínú ife irin kí ó tó dì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ti funfun, ó sì le bí àbẹ́là, ọmọ náà sì fi ṣíbí kan nínú rẹ̀ dín ẹyin àti àlùbọ́sà.