Páìpù Tó Ń Yan Ìgbì

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun, ẹ̀rọ tó ń ṣe ìgbì rédà wà nísàlẹ̀, eriali tó ń yí sì wà lórí òpó. Páìpù irin onígun mẹ́rin tó ṣófo ni wọ́n sábà fi ń gbé ìgbì náà gòkè. Kò sí wáyà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbì ló lè gbabẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí wọ́n ń pè ní WR-90. Inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 22.86, ó sì ga ní 10.16. Agbára iná inú ìgbì náà dúró lóòró, láti ilẹ̀ páìpù dé òkè rẹ̀, irin kì í sì í jẹ́ kó wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó rí bí okùn tí a so ní ìkángun méjì: àárín lè mì, ibi ìso kò lè mì. Okùn náà lè ní ikùn kan, ó lè ní méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lè ní ọ̀kan àbọ̀. Oníkùn kan ni àwọn onímọ̀ ń pè ní TE10, oníkùn méjì ni TE20.

Inú páìpù yìí, ìgbì ń lu ògiri ọ̀tún, ó ń ta padà lu ti òsì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ síwájú. Bí fírìkúẹ́ńsì rẹ̀ bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ ń dábùú sí i, títí yóò fi máa pààrà láàárín ògiri méjì láìsún síwájú rárá. Ibẹ̀ ni òpin. Ẹ fi ìlọ́po méjì ìbú páìpù pín eré ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i:

f = c / 2a

Fún WR-90, ó jẹ́ gígáhẹ́ẹ̀sì 6.56. Ìgbì rédà tó wà ní 9.4 yóò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó wà ní 5 kò ní lọ jìnnà: lẹ́yìn sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Irin kọ́ ló jẹ èyí tó kù. Ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó rán an ni.

Òkè náà ní ààlà. Láti 13.11, TE20 lè wọlé. Bí páìpù bá tẹ̀ síkùn níbì kan, apá kan agbára TE10 yóò di ti TE20. Àárín páìpù ni ọ̀pá tó ń gba ìgbì máa ń wà, níbi tí TE20 kò ti ní agbára kankan, nítorí náà ọ̀pá náà kò ní rí i gbà. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n yóò rí i pé agbára tó jáde ń lọ sókè sódò bó ṣe ń yí fírìkúẹ́ńsì.

Ìdí nìyí tí gíga páìpù kò fi tó ìdajì ìbú rẹ̀: bó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ìgbì tó ń ta láàárín ilẹ̀ àti òkè páìpù yóò wọlé ṣáájú TE20.

Láti 8.2 dé 12.4 ni wọ́n ní kí a máa lo WR-90, nítorí bí ìgbì bá sún mọ́ 6.56 jù, irin yóò máa jẹ agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rán ìgbì gígáhẹ́ẹ̀sì 5, kó lọ wá WR-187, tó fẹ̀ ní mìlímítà 47.55.