Ibà kọ́ ni: ara gbígbóná lára ẹni tó ń gba kímò

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà, ọjọ́ kọkànlá sì rèé tó bẹ̀rẹ̀ kímò. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ní òtútù ń mú òun. Wọ́n ki tẹmómítà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ka 38.6. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ibà ni, kí wọ́n ra oògùn ibà fún un, kó lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, kó sì sùn. Ta ni yóò bá ìyá jiyàn? Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó wà nípò obìnrin yìí lè máà jí mọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́.

Kímò kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Ohun tó bá ń yára pọ̀ sí i nínú ara ló máa ń pa, mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ sì wà lára wọn. Sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí wọ́n ń pè ní nutrofíìlì, òun ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí kòkòrò bá ti wọlé. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ló sábà máa ń dín kù jù. Tó bá ti wá sí abẹ́ 500 nínú màíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, ewu ti dé. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun obìnrin wa yìí jẹ́ 600, ìdá 10 nínú 100 péré ló sì jẹ́ nutrofíìlì. 60 nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé ọyún inú egbò, òkú nutrofíìlì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní nutrofíìlì, egbò rẹ̀ lè máà ṣọyún, ó sì lè máà wú. Fọ́tò àyà rẹ̀ lè mọ́ kedere nígbà tí kòkòrò ti wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ara gbígbóná nìkan ló kù tó ń pariwo, parasitamọ́ọ̀lù la sì fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ níbi méjì láti wá kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n sì yẹ ibà wò pẹ̀lú, torí kò sí ohun tó ní kí ibà má bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò dúró de èsì. Kó tó pé wákàtí kan tó wọlé, pipẹrasílíìnì pẹ̀lú tasobákítáàmù ti ń wọ inú iṣan rẹ̀. Wọ́n yan oògùn yìí torí pé ó ká apá ọ̀pọ̀ kòkòrò, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní sudomónáàsì, tó lè pa irú aláìsàn yìí láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà a máa dúró de èsì, aláìsàn a sì ti kú kí èsì tó dé. Lọ́dún 1971 ni Stephen Schimpff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore kọ ìròyìn pé ó sàn kí oògùn ṣáájú èsì.

Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n pààrọ̀ oògùn. Dókítà kọ̀, mo sì gbè é lẹ́yìn: ìfúnpá rẹ̀ dúró déédéé, ó ń mí dáadáa, èsì ẹ̀jẹ̀ kò sì fi kòkòrò kankan hàn. Ara gbígbóná nìkan kò tó ìdí láti máa kó oògùn léra wọn.

Ọjọ́ karùn-ún ló yàtọ̀. Tí ara bá ṣì ń gbóná lẹ́yìn ọjọ́ 4 sí 7 tí aláìsàn ti ń gba oògùn tó lágbára, tí nutrofíìlì kò sì ní tètè padà, ẹbí èbu ni ọkàn dókítà máa ń lọ sí, irú èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó bá pẹ́. Méjì ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Kándídà ń gbé inú ìfun àti ẹnu wa tẹ́lẹ̀. Asípagílọ́ọ̀sì ń fò nínú afẹ́fẹ́ àti eruku ilé kíkọ́, àwa aláàfíà ń fà á símú lójoojúmọ́ láìmọ̀. Obìnrin yìí ti ń wúkọ́, ẹ̀gbẹ́ sì ń dùn ún. Ẹ̀rọ síítì ya àyà rẹ̀, wọ́n rí kókó kan tí òjìji ràndánràndán yí ká. Asípagílọ́ọ̀sì ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ lára irú ẹni yìí. Wọ́n fi fọrikonasọ́ọ̀lù kún oògùn rẹ̀. Flukonasọ́ọ̀lù tó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì kò ràn án. Ká ní síítì kò fi nǹkan kan hàn ni, káspofọ́ńjíìnì tàbí amfotẹrisíìnì ni wọn ì bá lò, ṣùgbọ́n amfotẹrisíìnì a máa da kíndìnrín láàmú.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gba kímò ló nílò eléyìí o. Nutrofíìlì ọ̀pọ̀ alárùn jẹjẹrẹ ọyàn máa ń padà kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, oògùn apakòkòrò sì sábà máa ń tó wọn. Àwọn tí jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ló máa ń pẹ́ nínú ewu yìí. Nutrofíìlì obìnrin wa padà ní ọjọ́ kejìlélógún, ara rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi lo fọrikonasọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ń gba kímò nílé, ẹ ra tẹmómítà. Tó bá ka 38.3 lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí 38 kò kúrò níbẹ̀ fún wákàtí kan, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn gan-an. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà ni pé kímò ló ń gbà, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tó gbà á kẹ́yìn.