Ǹjẹ́ Ó Bọ́gbọ́n Mu Láti Fi Àpótí Káàdì Àwòrán Sọ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ Di Ẹ̀rọ Gẹ́ẹ̀mù?

Káàdì àwòrán ni ó ń ya gbogbo ohun tí à ń rí nínú gẹ́ẹ̀mù. Èyí tí ó lágbára nínú wọn máa ń jẹ iná púpọ̀, ó sì máa ń gbóná. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò lè gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àpótí kan tí a ń ki káàdì náà sí, tí ó ní ìpèsè iná tirẹ̀, tí a sì ń fi wáyà kan ṣoṣo so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ǹjẹ́ èrè rẹ̀ tó owó rẹ̀ bí?

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ihò tí a ó ki wáyà bọ̀. Ihò USB-C wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tí a sábà máa ń lò ni Thunderbolt, tí àmì mànàmáná máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ há. Nínú gígábíìtì 40 tí Thunderbolt 3 ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, káàdì kò lè rí ju 32 lò. Ihò káàdì PCIe 3.0 inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè gbé nǹkan bí 126. Bí omi ti lè pọ̀ nínú igbá tó, bí ọ̀nà ọ̀fun bá há, díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa gbé e mì.

Bí a bá tún ń wo gẹ́ẹ̀mù lójú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, wáyà kan náà ni àwòrán yóò gbà padà, ìfàsẹ́yìn yóò sì pọ̀ sí i. Ó sàn kí a so mọ́nítọ̀ mọ́ káàdì inú àpótí tààrà. Bí gẹ́ẹ̀mù bá sì ń kákò, kí a dín ìwọ̀n àwòrán kù. Bí kò bá yára sí i, káàdì kọ́ ni ó jẹ̀bi, bí kò ṣe wáyà tàbí ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Àpótí kò sì lè fún ọpọlọ lágbára.

Nípa ti owó, nígbà tí àpótí Razer Core X jáde ní ọdún 2018, dọ́là 299 ni wọ́n ń tà á, láìsí káàdì nínú rẹ̀. Ní ọdún 2021, káàdì RTX 3060 jáde ní dọ́là 329. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó di dọ́là 628, a kò sì tíì ra mọ́nítọ̀. Nǹkan bí ìdajì owó yìí ni ó lọ sórí àpótí tí kò lè ya àwòrán kankan.

Ní ìparí, àpótí yìí yẹ ẹni tí ó ti ní kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ihò àti ọpọlọ rẹ̀ dára, tí ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, tí ó sì ń jókòó ti mọ́nítọ̀ nílé lálẹ́. Ní ti ẹni tí yóò ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun, tàbí tí ó fẹ́ máa ṣe gẹ́ẹ̀mù lórí ìrìn, kọ̀ǹpútà tí káàdì ti wà nínú rẹ̀ ni kí ó rà.