“Plugged in, not charging”: Ẹ Má Tíì Ra Bátìrì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí n fi àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀ nígbà tí lápútọ́ọ̀pù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà mí láàmú. Mo ń tẹ́tí sí ohùn àwọn àgbàlagbà tí mo gbà sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀, fáìlì 41 lápapọ̀, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná wà, ṣájà wà lẹ́nu iná, síbẹ̀ bátìrì dúró sórí 23%, kò lọ sókè. Ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú ni “Plugged in, not charging”. Nígbà tí Nẹ́pà mú iná lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí géètì. Ó wò ó fírí, ó ní, “Àbúrò, bátìrì ẹ ti kú. Mú ₦35,000 wá, mà á fi tuntun sí i.” Mi ò ní iye yẹn lọ́wọ́. Àìlówó yẹn ló gbà mí, nítorí ó jẹ́ kí n padà sílé lọ ka gbólóhùn ojú ẹ̀rọ náà dáadáa.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, iṣẹ́ wa ni láti tú gbólóhùn. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú eléyìí. Àkọ́kọ́ sọ pé ẹ̀rọ rí iná tó ń bọ̀ láti ìta. Èkejì sọ pé kò gbé iná yẹn fún bátìrì. Kì í ṣe pé iná kò dé. Inú ẹ̀rọ ni ohun kékeré kan wà tó máa ń pinnu bóyá kí bátìrì gba iná tàbí kó má gbà á, òun ló sì kọ̀. Ìbéèrè tó kù ni ìdí tó fi kọ̀. Ó lè jẹ́ pé iná tí ṣájà ń gbé wá kò tó. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti ní kó má gba iná kọjá iye kan. Ó sì lè jẹ́ pé bátìrì tàbí ètò tó ń darí rẹ̀ ló ní ìṣòro.

Ẹ kọ́kọ́ wo iye tó dúró sí

Bí bátìrì bá dúró gbọn-in sórí 60% tàbí 80%, tí kì í kọjá ibẹ̀ rárá, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ètò ni wọ́n ṣe fún un. Bátìrì tí a ń fi sẹ́nu iná tọ̀sán-tòru ní kíkún máa ń tètè gbó, nítorí náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ààlà sí i. Lórí Lenovo, orúkọ rẹ̀ nínú Lenovo Vantage ni Conservation mode. Lórí ASUS, ẹ wá a nínú MyASUS. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti fẹ́ sunkún nítorí 80% rí, kó tó mọ̀ pé òun fúnra òun ló tan ètò náà. Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò tàbí tí iná kò dúró, ẹ pa á, bátìrì yóò kún.

Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí í fi ààlà sí 23%.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ara ṣájà

Ẹ yí ṣájà padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ OUTPUT sí. INPUT kọ́, ìyẹn jẹ́ ti iná ara ògiri. Ẹ ó rí iye V àti iye A. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ohun tó bá jáde ni W, ìyẹn agbára tí ṣájà lè gbé. Lára tèmi, mo rí 19.5V àti 2.31A, èyí tó jẹ́ 45W. Mo wá wo ṣájà tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí tí wáyà rẹ̀ ti já ní sáà tó kọjá: 19.5V àti 3.34A, ìyẹn 65W. Lọ́jà ni mo ti ra èkejì, torí pé ẹnu rẹ̀ wọlé ni mo ṣe rò pé ó bá a mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. 45W tó fún ẹ̀rọ láti ṣiṣẹ́, kò tó láti tún bọ́ bátìrì, ẹ̀rọ sì yàn láti máa ṣiṣẹ́. Òfin tí ẹ ó mú lọ sọ́jà ni pé V gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu gẹ́lẹ́; A lè jù ú lọ, kò gbọdọ̀ dín.

Bí àmì ara ṣájà bá tọ̀nà, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Àwọn ṣájà kan ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín ẹnu, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó jẹ́. Bó bá tẹ̀ tàbí tó ṣẹ́, iná yóò wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní dá ṣájà mọ̀, kò sì ní bọ́ bátìrì. Ọ̀nà tó dájù láti mọ̀ ni kí ẹ yá ṣájà tó péye lọ́wọ́ ẹni tó ní irú ẹ̀rọ yín.

Ṣé bátìrì ti kú lóòótọ́?

Kí n tó yá ṣájà ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni bọ̀dá yẹn sọ. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Yóò sọ ibi tó fi fáìlì náà sí. Ẹ ṣí i, ẹ fi DESIGN CAPACITY wé FULL CHARGE CAPACITY. Àkọ́kọ́ ni iye tí bátìrì lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, èkejì ni iye tó lè gbà báyìí. Tèmi jẹ́ 42,000 àti 31,500, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó ti ń dàgbà, kò tíì kú. Bí tiyín bá ti wálẹ̀ ju ìdajì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Bí bátìrì bá wú, ẹ má gba iná sí i mọ́ rárá.

BIOS ló kẹ́yìn

Bí ṣájà àti bátìrì bá dára, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ẹ tó dá ṣájà padà. Èyí máa ń tún ohun kékeré tó ń pinnu yẹn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí kò bá yanjú, ẹ lè fi BIOS tuntun sí i láti ojúlé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà, fún nọ́ńbà ẹ̀rọ yín gan-an. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ ní àárín rẹ̀, ẹ̀rọ lè má tàn mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í tilẹ̀ gbà kí a ṣe é bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ jù. Nítorí náà, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa yìí, ẹ má fi ṣe ohun àkọ́kọ́.

Èmi kò dé ibẹ̀. Mo kó fáìlì 41 náà sórí fíláàṣì, mo yá ṣájà 65W lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi kan, ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó ti kọjá 90%. ₦14,000 ni mo ra tèmi. Nígbà tí mo fi àmì ara ṣájà méjèèjì han bọ̀dá ẹnu géètì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, “Mi ò wo ẹ̀yìn ṣájà yẹn.” Èmi náà kò wò ó lọ́jọ́ tí mo rà á.