Àwo orin kan tó pín sí wẹ́wẹ́ nínú fóònù

Ẹ jẹ́ ká mú Djin Djin, àwo orin tí Angélique Kidjo gbé jáde ní ọdún 2007. Bí a bá kó o sínú fóònù, ó lè pín: Salala á dá dúró sí ibì kan, Sedjedo sí ibòmíì. Orin kankan ò sọnù o. Àkọlé tó wà nínú orin ni fóònù ń kà. Bí wọ́n bá kọ orúkọ Peter Gabriel àti Ziggy Marley, àwọn àlejò tó bá Kidjo kọ ọ́, mọ́ tirẹ̀, fóònù á rò pé olórin mìíràn ni.

A máa ń fi Mp3tag tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn orin náà sí ibòmíì. Ẹ wá yan gbogbo orin àwo náà pọ̀, kí ẹ kọ orúkọ kan ṣoṣo sí «Album Artist»: Angélique Kidjo. Kí àlejò wà ní «Artist» tiẹ̀. Ẹ má gbàgbé àmì orí é, torí Angelique láìsí àmì lè di ẹlòmíì. Ẹ fi àwòrán kan náà sínú gbogbo wọn, kí ẹ sì sọ àpò wọn báyìí:

```
Angélique Kidjo/2007 - Djin Djin
```

Bí fóònù bá fi àwo kan ṣoṣo hàn, ó ti bọ́ sí i nìyẹn.