Èdè tí kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ láìsọ bí ó ṣe mọ̀ ọ́n

Bí ẹnìkan bá sọ fún wa ní Yorùbá pé, "Ó gbá bọ́ọ̀lù lánàá," gbólóhùn náà ti pé. A lè bi í bóyá ó rí i ni, tàbí wọ́n sọ fún un ni. Ṣùgbọ́n bí a kò bá bi í, kò di dandan kó sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé kò gbọ́ èdè. Èdè kan wà tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò lè dúró nínú rẹ̀. Tuyúkà ni wọ́n ń pè é.

Inú igbó Ámásónì, níbi tí ilẹ̀ Kòlóńbíà àti ilẹ̀ Bràsíìlì ti pààlà, ni àwọn Tuyúkà ń gbé. Wọn kò pọ̀ rárá. Ní ọdún 1984, obìnrin onímọ̀ èdè kan, Jánẹ́ẹ̀tì Bánẹ́ẹ̀sì, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí èdè náà jáde. Ó fi hàn pé ọ̀nà márùn-ún ni Tuyúkà fi ń parí ọ̀rọ̀ ìṣe, àti pé èyí tí èèyàn bá mú ni yóò sọ bí ó ṣe mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn bọ́ọ̀lù yẹn. "Díiga apé" ni wọ́n ń pe bọ́ọ̀lù gbígbá, ṣùgbọ́n kò tíì tán síbẹ̀. Bí mo bá wà lórí pápá tí mo sì fi ojú mi rí ọkùnrin náà, "díiga apéwi" ni n ó sọ. Bí mo bá wà nínú ilé, tí mo kàn ń gbọ́ ariwo eré àti ohùn rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ pé "díiga apéti." Bí mo bá dé pápá lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, tí mo rí ojú ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó di "díiga apéyi." Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún mi, "díiga apéyigi" ni. Bí n kò bá rí i, tí n kò gbọ́, ṣùgbọ́n tí mo mọ̀ pé bí ó ti máa ń ṣe nìyẹn, "díiga apéhinyi" ni yóò jẹ́. Ti ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìwọ̀nyí, lórí ohun tó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ìparí ọ̀rọ̀ náà tún máa ń yí padà.

Èyí tí ó jẹ mọ́ "ti" gbòòrò ju etí lọ. Òun náà ni wọ́n ń lò fún òórùn, fún adùn ẹnu, àti fún ìrora inú ara, torí pé ojú kì í rí wọn. Bí ojú àti etí bá sì jọ jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ kan, ti ojú ni èèyàn yóò mú. Ẹni tó rí nǹkan kì í tún fi "wọ́n ní" sọ ọ́.

Ṣé kò wá sí òpùrọ́ láàárín wọn ni? Ó wà. Ìparí ọ̀rọ̀ ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ẹni tí wọ́n sọ irọ́ fún, tó sì fi "yigi" tún un sọ, kò purọ́ ní tirẹ̀: ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà bá gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́, tí ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ wá sọ pé "apéwi," onítọ̀hún ti purọ́, nítorí ó sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀.

Àwọn Tuyúkà nìkan kọ́ ló ń ṣe báyìí. Ní agbègbè náà, ọkùnrin kì í fẹ́ obìnrin tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú rẹ̀, torí náà ilé kan máa ń gbọ́ èdè púpọ̀. Àwọn Tarianá, tí wọ́n ń gbé nítòsí, ń lo irú ètò márùn-ún yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èdè tó bá tiwọn tan níbòmíràn kò ní in. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò ni wọ́n ti kó o. Alẹksándírà Aikẹnfáàdì, tó kẹ́kọ̀ọ́ èdè wọn, rí i pé bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń sọ èdè Potogí pàápàá, wọ́n máa ń fi "mo rí i" tàbí "wọ́n ní" kún un. Bí àwọn òyìnbó bá wá ń sọ̀rọ̀ láìfi ìkankan kún un, òpùrọ́ ni wọ́n máa ń kà wọ́n sí.

Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo rẹ̀. A ń sọ pé "wọ́n ní," a ń sọ pé "ó jọ bí ẹni pé," bí ó bá sì dá wa lójú, a ó ní, "Ó ṣojú mi kòró." Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa lè fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ lọ́jà pé ọ̀nà ti dí tàbí pé àgbàdo ti wọ́n lè dákẹ́ lórí bí ó ṣe mọ̀. Tuyúkà kì í jẹ́ kí ó dákẹ́. Ní tiwa, àfi kí ẹni tó ń gbọ́ bi í: "Ṣé ó ṣojú rẹ?"