Owó Ilé Ni Kó Kọ́kọ́ Yọ

Oṣooṣù ni owó oṣù ń wọlé, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni ọ̀pọ̀ onílé n'Íbàdàn ń gba owó ilé. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ti máa ń yọ̀.

Ká ní ó ń gba ₦120,000, tí yàrá rẹ̀ sì jẹ́ ₦300,000 lọ́dún. Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé gan-an ni kó ti yọ ₦25,000 sí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì. Owó ọkọ̀ ₦1,200 lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, jẹ́ ₦26,400. Oúnjẹ gba ₦40,000. ₦12,000 wà nípamọ́ de àìsàn. ₦16,600 tó kù ni ti dátà, súyà àti aṣọ ẹbí.

Bí owó oúnjẹ bá tán kí oṣù tó parí, inú owó fàájì yìí ni kó ti mú un, kì í ṣe inú owó ilé.